Ààyè Àárín Kọ́ọ̀fù Méjì: Bí 37/12 Ṣe Ń Di 9/4 Lọ́wọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń kọ sójú bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ mi ní Sábó, níhìn-ín nílùú Ilé-Ifẹ̀, bí ìdánwò ọdún kìíní yunifásítì bá ti ń sún mọ́lé: wá ìwọ̀n ààyè tí y = x³ − x² àti y = 2x ká mọ́ àárín ara wọn. 9/4 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ. 37/12 ni ìdáhùn. Ohun tó burú nínú 9/4 yìí ni pé kò jọ ohun tó kùnà rárá. Ó mọ́ níwọ̀n, kò tóbi jù, kò sì kéré jù, ẹni tó kọ ọ́ á fọkàn balẹ̀ bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.

Níbi wíwá ojú ibi tí kọ́ọ̀fù méjèèjì ti pàdé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú kí méjèèjì dọ́gba, x³ − x² = 2x, ìyẹn dára. Àmọ́ kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n á fi x pín tọ̀tún tòsì. Á ku x² − x = 2, x á wá jẹ́ −1 tàbí 2. Má ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í fi 0 pín nǹkan, nítorí náà, bí o bá ti fi x pín, o ti gbà láìsọ pé x kì í ṣe 0 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, 0 gan-an wà lára ibi tí wọ́n ti pàdé: fi 0 sínú méjèèjì, 0 ni wàá rí. Kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan, kí o wá yọ x síta:

```
x³ − x² − 2x = 0
x(x − 2)(x + 1) = 0
x = −1, 0, 2
```

Bí x³ bá ti wà nínú ìdọ́gba, ibi ìpàdé lè tó mẹ́ta. Ìdọ́gba mìíràn lè ní ẹyọ kan tàbí méjì péré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí o bá rí méjì, padà wo ibi tí ẹ̀kẹta lè ti já bọ́.

Ẹni tí 0 bá ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò ní mọ̀ pé kọ́ọ̀fù méjèèjì gba ara wọn kọjá láàárín ọ̀nà. Íntígírà kan ṣoṣo ló máa ṣe, láti −1 dé 2, á sì bá −9/4 pàdé. Níwọ̀n ìgbà tó ti gbọ́ pé ìwọ̀n ààyè kì í ní òdì, á pa àmì òdì rẹ́, 9/4 dé. Ọmọ kan bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ààyè kì í ní òdì?” Mo ní, “Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òdì tó yọ yẹn, kí ló ń sọ fún ẹ? Ó ń sọ pé ó níbi tí o ti gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ sókè. Lọ wá ibẹ̀ kí o tó pa á rẹ́.”

Láàárín −1 sí 0, x³ − x² ló wà lókè. Láàárín 0 sí 2, 2x ló wà lókè. Íntígírà kan ṣoṣo láti −1 dé 2 yóò ka apá kan sí èrè, yóò sì ka èkejì sí gbèsè, á wá fi ìkan dín ìkan kù. Ẹni tó ní ilẹ̀ méjì lójú ọ̀nà Ìbàdàn kì í yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì kó tó sọ bí ilẹ̀ òun ṣe tó.

Láti mọ èyí tó wà lókè, mú náńbà kan láàárín ibi ìpàdé méjì, kí o fi sínú kọ́ọ̀fù méjèèjì. Lápá ọ̀tún kò nira: ní x = 1, ìkan fún wa ní 0, ìkejì fún wa ní 2. Apá òsì ló ń tan àwọn ọmọ jẹ. Ní x = −1/2, x³ − x² jẹ́ −3/8, 2x sì jẹ́ −1. Wọ́n á wò ó pé 1 ju 3/8 lọ, wọ́n á sì sọ pé 2x ló wà lókè. Rárá o. −3/8 ló súnmọ́ 0 jù, òun ló wà lókè. Kọ́ọ̀fù méjèèjì wà lábẹ́ ìlà x níbẹ̀, ìyẹn ò sì ní kí o tún gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ tàbí kí o yí àmì kankan padà. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì là ń wọ̀n. Ibi tí ìlà x gbà kọjá kò kàn wá.

Ó wá ku iṣẹ́ ọwọ́:

```
−1 dé 0:  ∫(x³ − x² − 2x) dx
          = [x⁴/4 − x³/3 − x²]
          = 0 − (1/4 + 1/3 − 1) = 5/12

0 dé 2:   ∫(2x − (x³ − x²)) dx
          = [x² − x⁴/4 + x³/3]
          = 4 − 4 + 8/3 = 8/3

Àpapọ̀:   5/12 + 32/12 = 37/12
```

Wo bírákẹ́ẹ̀tì tó yí x³ − x² ká nínú ìlà kejì yẹn dáadáa. Ẹni tí kò bá fi í síbẹ̀ á kọ 2x − x³ − x², èsì rẹ̀ á sì jẹ́ 4 − 4 − 8/3, ìyẹn −8/3. Bó bá tún pa òdì rẹ́, 8/3 á jáde, á sì bá tiwa mu! Nínú ìbéèrè yìí nìkan ni orí máa yọ ọ́. Ẹni tó ń máàkì á ṣì rí i nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ohun tó kọ kọ́ ló yẹ kó kọ.

Kí o tó fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn, ọ̀nà kan wà tí o lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò láìtún ṣe íntígírà. Mú àlàfo tó wà ní agbedeméjì gan-an, fi ìbú apá náà sọ ọ́ di púpọ̀, kí o wá mú 2/3 rẹ̀. Lápá òsì, ìbú jẹ́ 1, àlàfo ní x = −1/2 sì jẹ́ 5/8, nítorí náà 2/3 × 1 × 5/8 = 5/12. Lápá ọ̀tún, ìbú jẹ́ 2, àlàfo ní x = 1 sì jẹ́ 2, 2/3 × 2 × 2 = 8/3. Méjèèjì bá iṣẹ́ wa mu géérégé. Fọ́múlà Simpson ló bí i. Ó máa ń pé bí àmì agbára tó ga jù nínú ìyàtọ̀ kọ́ọ̀fù méjèèjì kò bá ju 3 lọ, tí wọ́n sì pàdé níbẹ̀rẹ̀ àti lópin. Bí sin x tàbí eˣ bá wà nínú ìbéèrè, má retí pé kó pé; ó lè súnmọ́ ọn lásán ni.

Nígbà mìíràn ìbéèrè fúnra rẹ̀ á sọ ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí a ti máa parí, bí àpẹẹrẹ láti x = 0 dé x = 3. Àwọn ọmọ á rò pé wọ́n ti dín iṣẹ́ kù fún àwọn, wọn ò ní wá ibi ìpàdé mọ́. Fi 0 àti 3 sínú x⁴/4 − x³/3 − x² bẹ́ẹ̀, wàá rí 9/4, òdì kankan ò sì ní yọ láti ta ọ́ lólobó. Àmọ́ kọ́ọ̀fù méjèèjì ti gba ara wọn kọjá ní x = 2. Láti 0 dé 2 jẹ́ 8/3 bí a ti rí i, láti 2 dé 3, níbi tí x³ − x² ti padà sókè, jẹ́ 9/4 + 8/3 = 59/12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 91/12. Má fi 2/3 yẹn yẹ apá kejì wò o, torí pé wọn kò pàdé ní x = 3: ibẹ̀, ìkan wà ní 18, ìkejì wà ní 6.