Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó eyín kan ṣoṣo

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dí eyín ẹ̀yìn mi kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló fọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gbẹ́ eyín fúnra rẹ̀ bá a lọ. Mo bú ẹni tó dí i tán, mo ní ayédèrú ló ń lò. N kò mọ̀ pé èmi gan-an ni mò ń fọ́ ọ lóru.

Bàbá Tóbi ti ń sọ ọ́ tipẹ́: "Ìyá Tóbi, o tún payín keke mọ́jú, àfi bí ẹni ń lọ ata." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ìpayínkeke tí mo mọ̀, inú Bíbélì ló wà. Ìyá ọkọ mi ní aràn ni. Mo lo oògùn aràn, síbẹ̀ ẹ̀bátí ń fọ́ mi láràárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á sì le bí ẹni tó jẹ egungun mọ́jú.

Dókítà eyín mìíràn ló gbé dígí fún mi, tó ní kí n rọra ti àgbọ̀n sí ọ̀tún. Eyín ṣóńṣó òkè àti ti ìsàlẹ̀ bára wọn mu rẹ́gí. Ṣóńṣó orí wọn ti lọ, ó ti di pẹrẹsẹ, ó sì ń dán. "Ẹ wò ó, mà, ibi tí wọ́n ti ń lọra wọn nìyí." Ó ní tó bá jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí mínírà ló jẹ eyín mi, ojú ibẹ̀ ì bá jin bíi kòtò, òkè kò sì ní bá ìsàlẹ̀ mu bẹ́ẹ̀. Lórí eyín iwájú ìsàlẹ̀, èèpo funfun ti tán, inú rẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ti yọjú. Ìyẹn kì í hù padà. Owó tí mo ti ná dùn mí ju eyín lọ.

Ó ní kí n lọ ṣe ìbòrí eyín, èyí tí wọ́n ń pè ní sípílíǹtì: ákírílìkì líle tó bo gbogbo eyín òkè, tí a ó máa fi sùn. (Mo ti kọ́kọ́ ra èyí tó rọ̀, tí àwọn abẹ̀ṣẹ́ ń lò, lọ́jà. Ńṣe ni mò ń jẹ ẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo jẹ ẹ́ lu.) Wọ́n po nǹkan rírọ̀ kan, wọ́n fi sí mi lẹ́nu, ó dì, wọ́n yọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀dà eyín mi nínú rẹ̀.

Ibí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán Jímọ̀ ni, ẹni tó yẹ kó da píópì sínú ẹ̀dà eyín mi, kó lè di eyín píópì tí wọ́n máa fi ṣe ìbòrí, ti lọ ilé. Wọ́n gbé e sórí tábìlì títí di ọjọ́ Ajé. Ohun tí wọ́n fi gba ẹ̀dà yẹn, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí omi bá gbẹ, á súnkì, ìrísí eyín inú rẹ̀ á sì yí padà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìbòrí dé, mo fi ìka tẹ apá ọ̀tún, apá òsì gbéra. Wọ́n ha inú rẹ̀, wọ́n ha á títí, ó ṣì ń mì bíi tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n wá ní kí n tún sanwó. Mo ní láéláé!

Wọ́n tún ẹ̀dà gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ náà, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, n kò kúrò títí wọ́n fi da píópì síbẹ̀ lójú mi, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èkejì wọlé wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa da píópì kí ẹ tó la ẹnu.

Lẹ́yìn náà ni ti ìwé aláwọ̀ búlúù: mo gé e jẹ, ó fi àmì sórí ìbòrí. Àmì méjì péré ló kọ́kọ́ wà, lápá ọ̀tún. Dókítà ń ha á títí àmì fi yí gbogbo rẹ̀ ká. Ó wá ní kí n ti àgbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́: eyín ṣóńṣó nìkan ló yẹ kó kàn án, kí tẹ̀yìn já kúrò. Omi tútù ni mo fi ń fọ̀ ọ́, torí omi gbígbóná lè ká a kò.

Kò wo ìpayínkeke o, eyín ló ń dáàbò bò. Dókítà bi mí bóyá mò ń hanrun, ó bi mí ní ti obì alẹ́, ó wá bi mí ní ti ìdààmú ọkàn. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa, ẹnìkan sì jẹ wá lówó tí oṣù Kejìlá ń bọ̀. Mo wá ṣàkíyèsí pé lọ́sàn-án pàápàá, tí mo bá ṣí ìwé owó, eyín mi á ti wa pọ̀.

Mo gbé ìbòrí náà padà fún un lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó gbé e sábẹ́ iná: ojú ibi tí eyín mi ń rìn lóru wà níbẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ tó ń dán, apá ọ̀tún ló pọ̀ jù. Wọ́n ti dí eyín ẹ̀yìn náà lẹ́ẹ̀kẹrin, ohun tí wọ́n fi dí i ṣì wà lẹ́nu mi. Onígbèsè náà kò tíì san.