Bí mo ṣe ṣírò iye tí ọkọ̀ búrẹ́dì àti jẹnẹrétọ̀ àǹtí mi fi gbó

Àǹtí mi ní ilé búrẹ́dì ní Ọbáńtokò, l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí ọdún parí, wọ́n kó ìwé ìnáwó wọn fún mi pé kí n bá wọn wo èrè wọn. Nǹkan méjì ló fa wàhálà: ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì lọ sí Láfẹ́nwá àti Kútọ̀, àti jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Owó tí wọ́n fi rà wọ́n pọ̀ ju ohun tí a lè dì ru ọdún kan ṣoṣo; ńṣe la ń pín in sórí gbogbo ọdún tí wọ́n bá fi ṣiṣẹ́. Òun làwọn oníṣirò ń pè ní dìpíríṣíéṣọ̀n.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ mú. Wọ́n rà á ní 2,400,000 náírà, wọ́n sì san 100,000 fún ẹni tó gbé e wá àti oníná tó so ó. Iyẹn náà wà lára iye rẹ̀, ó di 2,500,000. (Epo tó ń mu kò sí níbẹ̀ o.) A fojú bù ú pé yóò lo ọdún 5, a ó sì lè tà á ní 500,000. Mo yọ ìyẹn kúrò, mo fi 5 pín 2,000,000 tó kù: 400,000 lọ́dọọdún, kò ní yí padà. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni wọ́n rà á, nítorí náà 200,000 péré ló kan ọdún àkọ́kọ́.

Ọkọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kiri lójoojúmọ́, ọdún àkọ́kọ́ gan-an ni iye rẹ̀ ń já wálẹ̀ jù. Mo wá mú ìdá 25 nínú 100 lórí iye tó bá ṣẹ́ kù. Wọ́n rà á ní oṣù Kìíní ní 6,000,000. Ọdún àkọ́kọ́ jẹ 1,500,000, ó ku 4,500,000.

Ibí ni mo ti ṣìnà. Nígbà tí mo fẹ́ wo ọdún kejì, mo tún ṣírò ìdá 25 lórí 6,000,000. Mi ò fura títí mo fi dé ọdún kẹrin, tí ọkọ̀ náà di òdo nínú ìwé. Ọ̀nà yìí kì í dé òdo láéláé, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń bù nínú èyí tó kù. Mo pa á rẹ́: orí 4,500,000 ló yẹ kí n ti bu ìdá 25, ó jẹ́ 1,125,000, ó ku 3,375,000. Lẹ́yìn ọdún 5, nǹkan bí 1,424,000 ló kù, ó sún mọ́ iye tí a rò pé a lè tà á. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í yọ iye títà kúrò ṣáájú bíi ti jẹnẹrétọ̀. Ìdá 25 yẹn ti gbà á rò.

Àǹtí wo àpapọ̀ ọdún àkọ́kọ́, 1,700,000. "Ta ló gba owó yìí lọ́wọ́ mi?"

"Kò sẹ́ni tó gbà á, mà. Ọjọ́ tí ẹ ra nǹkan lowó ti jáde."

"Ó túmọ̀ sí pé kò sí owó níbì kan tí mo lè fi ra ọkọ̀ mìíràn?"

"Àfi tí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀ sí báńkì fúnra yín, mà."