Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò èrè sóbò oníìgò, kí owó tó kúrò lápò

Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣírò èrè sóbò rèé: ìgò kan ₦500, ohun tó wọlé sí i ₦300, èrè ₦200. Akẹ́kọ̀ọ́ kún Agbowó ní Ìbàdàn bí omi, ìgò 50 ò lè ṣòro tà lóòjọ́. Ọjọ́ 30 lóṣù, ₦300,000 nìyẹn! Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ra kúlà. Ìṣirò yẹn ò ní àléébù, àwọn iye tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ló ní. (Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye owó tí mo lò níbí. Iye tí wọ́n bá pè fún ọ ní Bódìjà ni kí o fi rọ́pò wọn.)

Má fi ojú inú ka oníbàárà. Níbo ni ìgò 50 ti wá? Èrò tó ń kọjá lójú ọ̀nà ni wọ́n wò, bẹ́ẹ̀ èrò wọ̀nyẹn ti ní ẹni tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ síbi tí o fẹ́ gbé tábìlì sí, kí o wá ẹni tó ti ń ta ohun mímu tútù níbẹ̀. Ka ìgò inú kúlà rẹ̀ láàárọ̀, kí o padà wá kà á nírọ̀lẹ́. Tí o bá kí i pé “Ẹ kú ọrọ̀ ajé, mà”, tí o sì béèrè bọ́jà ṣe ń lọ, yóò ní ọjà ò tà. Má gbà á gbọ́, ìgò ni kí o kà. Ṣe é lọ́jọ́ Ajé, ṣe é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣe é lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, kí o sì rántí pé Agbowó a máa dá nígbà tí Yunifásítì bá wà nísinmi. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìdajì ohun tó ń tà ni kí o kọ sílẹ̀ fún ara rẹ.

Má rò pé gbogbo ohun tí o bá sè ni yóò di owó. Sóbò tí kò sí oògùn amóhun-má-bàjẹ́ nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kan, pàápàá tí yìnyín bá tán. Òmíràn á jò, ẹlòmíràn á mu àwìn. Ká ní ọ̀kan ló ń ṣòfò nínú mẹ́wàá: ₦3,000 lo ná sórí mẹ́wàá, ₦4,500 ló wọlé lórí mẹ́sàn-án. ₦1,500 ló kù, ìyẹn ₦150 lórí ìgò kọ̀ọ̀kan tí o sè. Kì í ṣe ₦200 mọ́.

Lẹ́yìn náà ni owó tó ń jáde bóyá ọjà tà tàbí kò tà. Ká ní àyè tábìlì ₦10,000 lóṣù, ọkọ̀ ₦20,000, dátà àti owó ìpè ₦5,000, owó ẹni tó ń tà á ₦40,000. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ jù lọ nìyí: “Èmi fúnra mi ni màá tà á.” Kọ ọ́ síbẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tí àìsàn bá dá ọ dúró, ẹnìkan ni wàá sanwó fún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦75,000. Pín in sí ₦150, ìgò 500 ló dé. Tí o bá ń tà fún ọjọ́ 25 lóṣù, 20 ni wàá máa sè lójúmọ́, kí 18 nínú rẹ̀ sì tà, kí o tó lè sọ pé o ò jèrè, o ò sì pàdánù.

Owó kúlà àti ìkòkò ò sí nínú èyí. Ká ní ₦120,000 ni. Tí o bá ń sè 30 lójúmọ́, ₦37,500 ni yóò ṣẹ́ kù lóṣù, yóò sì lé ní oṣù mẹ́ta kí owó wọn tó padà wọlé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó ní òun á tà á ní ₦450 kí èrò lè yà. ₦50 péré, àbí? Ìgò mẹ́sàn-án á wá mú ₦4,050 wá, ₦1,050 ló kù lórí mẹ́wàá. Tí o bá fi ₦105 pín ₦75,000, ó ti lé ní ìgò 700. Láti 20, o ti dé 29 lójúmọ́ nítorí ₦50, o ò sì tíì jèrè kọ́bọ̀. Kó o tó dín owó, rí i dájú pé èrò tí yóò yà á tó bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, gbé ohun tí o kà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí o ṣírò. Tí màmá yẹn bá ń ta 24, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 12, bẹ́ẹ̀ 18 ló yẹ kó tà. Má ra kúlà. Wo ibòmíràn, bóyá iwájú Pólì ní Ṣángo, kí o tún kà. Tàbí kó o máa gba iṣẹ́ òde Àbámẹ́ta, kí wọ́n san owó ohun èlò sílẹ̀ kó o tó sè é. Owó tábìlì á kúrò nínú ìṣirò, ìgò tó ń ṣòfò náà á kúrò, ṣùgbọ́n kọ owó ọkọ̀ àti yìnyín òde kọ̀ọ̀kan sí i.