Ẹ ti bá olùbánisọ̀rọ̀ ṣàdéhùn kẹ́ ẹ tó kúrò n'Íkòròdú
Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń lọ sí àpérò àwọn ọlọ́sìn ẹja, òní ni kẹ́ ẹ ti kọ̀wé sí olùbánisọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rí. Báyìí lèmi ṣe kọ tèmi léṣìí: “Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹja àrọ̀ mi ń kú tí mo bá pààrọ̀ oúnjẹ wọn. Ṣé mo lè rí yín fún ìṣẹ́jú 10 lásìkò oúnjẹ ọ̀sán?” Ó fèsì lọ́jọ́ kejì.

Ẹ má fi àdéhùn yín sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ o, ẹ ṣáà mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Máìlì 12. Kó tó sọ̀rọ̀, ẹ kàn kí i. Wáyà kọ̀ǹpútà ló ń wá nígbà yẹn. Tó bá parí, èrò á bò ó, ẹ má bá wọn dù ú. Alẹ́ ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí i, kẹ́ ẹ mẹ́nu ba ohun kan pàtó tó sọ.