Mẹkáníìkì fi owó kún iye tí ẹ jọ sọ: bí ẹ ṣe máa yanjú ẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, mo lọ gba ọkọ̀ mi lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní Muṣin. ₦140,000 la jọ sọ. Mo ti san ₦110,000 sílẹ̀ fún páàtì, ó ku ₦30,000 owó iṣẹ́, òun ni mo sì mú dání. Ọ̀gá náà na páálí kan sí mi tó fi báírò kọ nǹkan sí lẹ́yìn: ₦251,000. "Màdáámù, nígbà tá a tú u la rí àwọn tó kù." Ó fẹ́ kí n san ₦141,000 kí n tó mú kọ́kọ́rọ́.

Ẹsẹ̀ iwájú ni mo gbé ọkọ̀ náà lọ fún. Tó bá kó sí gálọ́ọ̀pù, á dún gbò-gbò-gbò. Tí mo bá sì sáré díẹ̀ ní títì Ìkòròdú, ariwo kan á máa hu wùùù lápá ọ̀tún. Ohun tá a jọ sọ ni ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ méjì, ₦70,000. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjì, ₦24,000. Línkéèjì méjì, ₦16,000. Àti owó iṣẹ́. Ohun tó fi kún un ni lówà áàmù méjì, ìyẹn irin tó mú ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ₦56,000, béárìn ẹsẹ̀ ọ̀tún, ₦22,000, bíréèkì páàdì, ₦18,000, aláínmẹ́ǹtì, ₦7,000, àti owó ọkọ̀ lọ sí ọjà páàtì ní Ládìpọ̀, ₦8,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦111,000, kò sì pè mí lórí ìkankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ fóònù mi ò kú rárá láti ọjọ́ Ajé.

Bí mo ṣe ṣe é rèé, pẹ̀lú ohun tí ẹ lè ṣe tó bá le ju tèmi lọ.

1. Kí owó kankan tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gbé àdéhùn jáde

Owó tí ẹ bá ti san ti di ohun tí ẹ ó máa bẹ̀bẹ̀ gbà padà. Nítorí náà, ẹ má san nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ariwo, nítorí ojú àwọn ọmọ iṣẹ́ àtàwọn oníbàárà mìíràn ni ọ̀gá wà. Tí ẹ bá ti dójú tì í níbẹ̀, kò ní lè yí ọ̀rọ̀ padà mọ́, kódà tó bá mọ̀ pé òun ṣì í.

Ẹ wá ibi tí àdéhùn wà: ohùn tí ẹ jọ fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, àléètì owó tí ẹ san sílẹ̀, ìwé tó kọ fún yín. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an. Tó bá ní "á tó bíi ₦140,000, ká tú u wò ná", ìdíyelé nìyẹn, àyè wà fún un láti lé díẹ̀. Tó bá sì ní "₦140,000 ni, ẹ gbé e wá", iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí nìyẹn, òun nìkan ò sì lè dá yí i padà.

Tó bá jẹ́ ẹnu lásán ni ẹ fi sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i níbẹ̀ yẹn, bí ẹ tilẹ̀ dúró tì í. Èyí ni mo kọ:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, ₦140,000 la jọ sọ fún ṣọ́ọ̀kì méjì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjì, línkéèjì méjì àti owó iṣẹ́. Mo san ₦110,000. Lónìí ẹ ní ó di ₦251,000. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àwọn tó lé fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye wọn."

Ìdáhùn tó bá fi ránṣẹ́ ni ẹ̀rí yín, ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ náà dé.

2. Ẹ ní kí wọ́n kó àlòkù jáde

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yanjú. Páàtì tí wọ́n tú kúrò lára ọkọ̀ yín, tiyín ni. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí i, ẹ sì fẹ́ kó o lọ sílé, kí ẹ sì dúró títí wọ́n á fi kó o wá. Ọ̀gá tó pààrọ̀ páàtì lóòótọ́ á ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé e wá kíá. Tí wọ́n bá ní àwọn ti dà á nù, ọ̀gá ni kó wá ọ̀nà mìíràn tó máa fi hàn yín pé òun pààrọ̀ nǹkan.

Mo ní kí wọ́n tò ó sílẹ̀ fún mi lórí nílọ́ọ̀nù. Béárìn ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo fọwọ́ yí i, kò yí geerege. Ó ń há, ó sì ń dún bí ẹni pé yanrìn wà nínú ẹ̀. Béárìn tó ṣì dára máa ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ariwo wùùù tí mo torí ẹ̀ wá nìyẹn. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ.

Mo yí sí lówà áàmù. Rọ́bà kan wà nídìí ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní búṣìn. Ti apá ọ̀tún ti ya dé àárín, irin inú ẹ̀ sì ń mì. Ti apá òsì le dáadáa, kò sí ojú ibi tó ti ya. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo èyí tuntun tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀, mo rí ohun mìíràn: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti wà lórí ẹ̀. Odindi lówà áàmù sábà máa ń bá bọ́ọ̀lù jọ́ìntì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Mo bi ọ̀gá pé, "Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ₦24,000 tí mo sanwó ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ńkọ́, ibo ló wà?" Ó dákẹ́. Kò rà á. Ó ti gba owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún ka a mọ́ owó lówà áàmù. Ẹni tí kò bá wo abẹ́ ọkọ̀ kò lè rí irú èyí, torí orúkọ méjì ló wà lórí ìwé.

Bíréèkì páàdì ló gbẹ̀yìn. Páàdì tuntun máa ń nípọn tó bíi mílímítà 10. Tó bá ti kù bíi 3, ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Àlòkù tèmi nípọn ju ìdajì tuntun lọ. Kò sẹ́ni tó rán an ní iṣẹ́ yẹn, ọkọ̀ náà ò sì nílò ẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó kó o kúrò níwájú yín. Tí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì nípa iye tó ní òun ra nǹkan, ẹ mú àlòkù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta ní Ládìpọ̀, kí ẹ bèèrè iye ẹ̀. Rìsíìtì nìkan ò tó, nítorí ó rọrùn láti kọ iye tó bá wu èèyàn sí i.

3. Ẹ pín owó tó lé sí ọ̀nà mẹ́ta

Àkọ́kọ́ ni ohun tí iṣẹ́ tí ẹ rán an bí fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá tú ẹsẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ ṣe aláínmẹ́ǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà á máa jẹ lápá kan. Mo san ₦7,000 yẹn. Mo san ₦22,000 béárìn pẹ̀lú, nítorí ariwo yẹn ni mo ní kó wá.

Èkejì ni ohun tí ọkọ̀ nílò, àmọ́ tí kò bi yín. Ní ti òfin, kò yẹ kó gba owó iṣẹ́ tí ẹ ò fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yín ti ń jẹ àǹfààní ẹ̀, mo sì rò pé ó tọ́ kéèyàn san iye tó bá fi ojú ara ẹ̀ rí pé ó jóòótọ́. Mo san ₦28,000 fún lówà áàmù ọ̀tún tó ya. Ti òsì tí kò ya, ₦12,000 bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tá a ti jọ sọ tẹ́lẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún un. Mo sì yọ ₦24,000 tó kà lẹ́ẹ̀mejì kúrò.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí kò sí ìdí fún. Mo ní kí wọ́n tú páàdì tuntun, kí wọ́n dá tèmi padà. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan ni. Owó ọkọ̀ Ládìpọ̀, mo ní ó wà nínú ₦30,000 owó iṣẹ́.

Ìṣirò tí mo kọ ránṣẹ́ sí i rèé: ṣọ́ọ̀kì, línkéèjì àti owó iṣẹ́, ₦116,000, lówà áàmù méjèèjì, ₦40,000, béárìn, ₦22,000, aláínmẹ́ǹtì, ₦7,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦185,000, ₦66,000 ló fi dín sí ₦251,000 tó pè é. Mo ti san ₦110,000, ó ku ₦75,000. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n fi owó ọkọ̀ kún un. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀." Ó gbà á. Mo ní kó kọ ọ́ fún mi pé kò ku kọ́bọ̀ kan mọ́, kí n tó fi owó ránṣẹ́.

4. Tó bá di ọkọ̀ yín mú

Mẹkáníìkì lẹ́tọ̀ọ́ láti di ọkọ̀ mú títí ẹ ó fi san owó iṣẹ́ tí ẹ rán an. Kò lẹ́tọ̀ọ́ yẹn lórí iṣẹ́ tí ẹ ò rán an. Nítorí náà, ẹ fi owó tí kò sí àríyànjiyàn lórí ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lẹ́yẹ-ò-sọkà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ san án fún. Láti ìgbà náà, kò sí ìdí fún un láti mú kọ́kọ́rọ́ dání mọ́.

Tí ẹ bá nílò ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn tó sì kọ̀ jálẹ̀, ẹ san gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ẹ tó san: "Mo san ₦66,000 tó lé yìí nítorí kí n lè gba ọkọ̀ mi, n ò gbà pé mo jẹ ẹ́, mo sì máa bèèrè ẹ̀ padà." Láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, ó lè ní ẹ gbà tọkàntọkàn ni. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ kejì wa ọkọ̀ lọ lóru. Ìyẹn á sọ yín di ẹni tó ṣẹ̀.

5. Tí ẹnu ò bá kò

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò náà, pẹ̀lú fọ́tò àti àlòkù lọ́wọ́. Òun mọ páàtì, kò sẹ́ni tó lè tan án lórí búṣìn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì máa ń wọ ọmọ ẹgbẹ́ létí ju ti oníbàárà lọ.

Tíyẹn ò bá ṣiṣẹ́, ilé ìlàjà aráàlú ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà, tí wọ́n ń pè ní Sí-Ẹ́mù-Sí. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á kọ̀wé pe ọ̀gá náà, wọ́n á jókòó ti ẹ̀yin méjèèjì, ohun tí ẹ bá sì fọwọ́ sí á di àkọsílẹ̀.

Ẹ má kó ọlọ́pàá lọ bá a. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Bákan náà ni òun ò lè fi ọlọ́pàá gba owó lọ́wọ́ yín.

Ilé ẹjọ́ ló kù. Láti ọdún 2018 ni Èkó ti ní kọ́ọ̀tù fún gbèsè kéékèèké lábẹ́ kọ́ọ̀tù májísíréètì, fún owó tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ. Ẹ lè lọ láìgba lọ́yà. Ẹ ó kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè owó ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀mù SCA 1, kí ẹ tó pe ẹjọ́. Wọ́n ṣètò ẹ̀ kí ìdájọ́ wáyé láàárín ọjọ́ 60. Iye owó pàtó ni ẹ ó bèèrè, bíi ₦66,000 yẹn. Ẹ ò lè kàn ní "ó rẹ́ mi jẹ". Wọ́n sì gbọ́dọ̀ lè rí i fún ìwé ìpẹ̀jọ́, torí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ẹ ya fọ́tò pátákó tó kọ orúkọ sí, kí ẹ sì kọ orúkọ tó jáde lórí àléètì àkáǹtì ẹ̀ àti nọ́ńbà ojúlé tàbí òpó iná tó sún mọ́ ibẹ̀ jù.