Májẹ̀mú kejì ń bá ìkẹrin jà: bí mo ṣe gba ìwé adójútòfò ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún yìí

Búrókà, ẹni tó ń bá mi ṣètò adójútòfò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́, ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ní owó tí mò ń san lọ́dún ti kúrò ní ₦120,000, ó ti di ₦180,000. Mo kígbe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí mo máa gbà rí ₦60,000 tó lé sí i. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá jókòó ti lẹ́tà tí iléeṣẹ́ adójútòfò kọ sí mi, tí mo kà á dé ìsàlẹ̀. Inú bí mi gidi. Owó tó pọ̀ jù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi kò sí lójú ìwé àkọ́kọ́ rárá.

Fóòmù ni mò ń tà n'Ìbàdàn, ti ibùsùn àti ìrọ̀rí. Ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù àti sítọ́ọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó mílíọ̀nù 40 náírà, iye yẹn náà sì ni mo fi ṣe adójútòfò iná. Lọ́dún tó kọjá, ṣéńjóófà tó wà lẹ́yìn kàǹtà gbiná, ó ràn mọ́ àwọn ìrọ̀rí kí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó pa á. Òfò náà jẹ́ mílíọ̀nù 2.3. Iléeṣẹ́ náà san owó mi láìjanpata, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ nígbà tó ku ọjọ́ 11 kí ìwé àdéhùn mi parí ni lẹ́tà dé pé àwọn ṣì fẹ́ bá mi ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni ẹ̀sẹ́ẹ̀sì. Òun ni apá òfò tí ọlọ́jà máa fara gbá kí iléeṣẹ́ tó dá sí ìyókù. Tẹ́lẹ̀, ìdá 5 nínú 100 òfò ni, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ₦100,000. Wọ́n sọ ọ́ di ìdá 15, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ₦750,000. Mo mú bírò, mo fi iná ti ọdún tó kọjá wò ó. Nínú mílíọ̀nù 2.3 yẹn, ₦115,000 péré ni mo fara gbá, wọ́n san ₦2,185,000 fún mi. Ká ní àdéhùn tuntun yìí ló wà nígbà náà, ìdá 15 jẹ́ ₦345,000, kò tó ₦750,000, nítorí náà ₦750,000 ni wọn ì bá yọ. Bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá wá jó ńkọ́? Mílíọ̀nù 6 ni màá fara gbá, dípò mílíọ̀nù 2. Èmi sì ti ń jà nítorí ₦60,000!

Lẹ́yìn èyí ni májẹ̀mú mẹ́rin. Àkọ́kọ́, kí jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú ilé pátápátá. Ìkejì, kí á pa gbogbo iná láti ojú súwíìṣì ńlá nígbàkúùgbà tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ìkẹta, kí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà máa wà níbòmíràn tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ìkẹrin, kí aago ìkìlọ̀ iná àti kámẹ́rà máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, ní pàtàkì lálẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mi ò bá pa èyíkéyìí mọ́, wọ́n lè má san owó òfò.

Jẹnẹrétọ̀, mo gbé e jáde, mo kọ́ ilé kékeré fún un lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Oníná pààrọ̀ ṣéńjóófà àti bọ́ọ̀dù. Ìyẹn kò le.

Ẹ wá tún májẹ̀mú kejì àti ìkẹrin kà. Bí mo bá pa gbogbo iná láti ojú súwíìṣì ńlá, kí ni aago ìkìlọ̀ àti kámẹ́rà fẹ́ fi ṣiṣẹ́ mọ́jú? Bí mo bá sì fi iná sílẹ̀ fún wọn, mo ti ba májẹ̀mú kejì jẹ́. Ọ̀nà yòówù kí iná gbà ṣẹlẹ̀ lóru, májẹ̀mú kan ti bàjẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó jí.

Mo pe búrókà. Ó ní, “Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mà. Ohun tí gbogbo èèyàn ń fọwọ́ sí nìyẹn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.” Mo ní, “Bí òfò bá ṣẹlẹ̀, ṣé ohun tó wà lọ́kàn wọn ni ẹni tí wọ́n bá rán wá máa kà, àbí ohun tó wà nínú ìwé?” Ó ní bátìrì wà nínú aago ìkìlọ̀. Mo ní kí oníná yẹ̀ ẹ́ wò. Wákàtí 24 ni bátìrì yẹn lè gbé e. Àmọ́ agogo méje alẹ́ Sátidé ni a máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, a kì í sì í ṣí i títí di agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wákàtí 37 nìyẹn. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní sí ohun tó ń ṣọ́ fóòmù mi.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, búrókà kò tíì kọ nǹkan kan ránṣẹ́ sí wọn. Mo kọ lẹ́tà náà fúnra mi, mo to májẹ̀mú méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo kọ wákàtí 37 náà síbẹ̀. Wọ́n dáhùn pé “ẹ lo òye yín.” Mo dá a padà. Òye mi kọ́ ni wọ́n máa fi san owó.

Gbogbo èyí ni a ń bá lọ tí ọjọ́ fi ń tán lọ. Ní Nàìjíríà, bí o kò bá tíì sanwó, o kò ní adójútòfò. Láti ọdún 2013 ni àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ti ń mú un le. Kò sí pé “a ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.” Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo ní kí wọ́n sún àdéhùn àtijọ́ síwájú ní oṣù kan. Mo san ₦10,000 fún un, mo sì gba ìwé àti rìsíìtì kí n tó sùn. Bí ẹ bá wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjiyàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ẹni tó ń díwọ̀n ewu fún wọn gan-an wá bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọlọ́pọlọ ni obìnrin náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi parí rẹ̀. Oníná fa wáyà ọ̀tọ̀ fún aago ìkìlọ̀ àti kámẹ́rà, ó fún un ní bírékà kékeré tirẹ̀, ó sì gbé e gba inú páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí kò kan ọjà. Obìnrin náà fi ìwé àfikún ránṣẹ́ pé kí n pa gbogbo iná, àfi ti wáyà yẹn. Gbólóhùn kan péré, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbà á.

Mo lo àǹfààní ìpè yẹn. Mo fi fọ́tò jẹnẹrétọ̀, bọ́ọ̀dù tuntun àti rìsíìtì oníná ránṣẹ́, mo sì ní kí wọ́n dá ẹ̀sẹ́ẹ̀sì padà sí ìdá 5. Wọ́n kọ̀. A parí rẹ̀ sí ìdá 10, kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦300,000. Mo fi ₦180,000 sílẹ̀ fún wọn, mi ò tilẹ̀ dúnàádúrà lórí rẹ̀. Bí iná ọdún tó kọjá bá tún ṣẹlẹ̀, mílíọ̀nù 2 ni wọ́n máa san fún mi, dípò ₦1,550,000 tí lẹ́tà wọn àkọ́kọ́ ì bá fi mí sí. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe búrókà.

Ohun tí mi ò tètè rò ni ẹ̀rí. Ta ló máa gbà pé a ń pa iná lóòótọ́? Ní báyìí, ẹni tó bá pa súwíìṣì lálẹ́ á kọ aago àti orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kan, á ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, nítorí ìwé tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lè bá ṣọ́ọ̀bù jó. Mo sì ti sàmì sí kàlẹ́ńdà. Nígbà tó bá ku oṣù méjì kí àdéhùn yìí parí, èmi ni màá kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí wọn.