Géètì Tó Ń Dá Ṣí: Àṣìṣe Tí Wọ́n Máa Ń Ṣe Lálẹ́ Tí Iná Bá Lọ

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ti lù ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nígbà tí fóònù mi dún. Màmá kan ní Kúbwà ni, tí mo fi ẹ̀rọ sí géètì ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. "Ẹ̀ńjíníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ẹ̀rọ yín ń kùn, géètì ò mira. Rìmóòtù náà ò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sí ìkankan nínú wọn tó ṣiṣẹ́." Lúgbè ni èmi ń gbé, alẹ́ sì ti lẹ́. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ ti géètì pa, kí wọ́n fi ṣéènì àti àgádágodo dè é, mo sì débẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Kò sí ohun kan tó bàjẹ́. Àṣìṣe mẹ́ta ni wọ́n ṣe láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan ló sì ń bí èkejì. Láti ọjọ́ náà, ìtàn alẹ́ yẹn ni mo fi ń ṣàlàyé fún gbogbo ilé tí mo bá ń fa ẹ̀rọ lé lọ́wọ́, torí èèyàn máa ń gbàgbé ohun tí a kà fún un, kì í tètè gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò.

Géètì tí mo ń sọ ni èyí tó ń wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí irin, kì í ṣe elẹ́nu méjì tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn. Àpótí ẹ̀rọ wà nílẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Géà kékeré kan yọ síta lára àpótí náà, eyín géà yìí sì wọ inú irin eléyín gbọọrọ tí a dè mọ́ ara géètì. Bí géà bá ń yí, géètì ń lọ. Inú àpótí náà ni bọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ wà, bátìrì tó ń gba iṣẹ́ ṣe tí iná bá lọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lára àpótí, ẹ ó rí ihò kọ́kọ́rọ́ kan, àti ọwọ́ kékeré kan lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Ọwọ́ yìí ló ń tú géà sílẹ̀, kí èèyàn lè fi ọwọ́ ti géètì.

Ní ọjọ́ náà, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, àwọn èèyàn sì ń wọlé wá kí ọmọ tuntun. Géètì ṣí, ó pa, ó ṣí, ó pa, orí bátìrì nìkan ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mégáàdì ṣàkíyèsí pé ó ti ń falẹ̀, ó tiẹ̀ dúró ní agbede méjì lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì ló ń sọ pé ó ti rẹ òun. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Nígbà tí bàbá fi máa dé láti ibi iṣẹ́, géètì kò dáhùn mọ́ rárá.

Ẹ má tú u sílẹ̀ láì kọ́kọ́ pa bíréékà

Ọmọkùnrin ilé ló mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó ṣí ìdérí, ó fa ọwọ́ náà síta, ó ń ti géètì. Gbogbo èyí dára, àfi ohun kan: kò pa bíréékà ẹ̀rọ. Bó ṣe ń ti géètì lọ́wọ́ ni iná dé. Inú rẹ̀ dùn, ó pariwo "Wọ́n ti mú un wá!" bíi tàwa yòókù. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ tí iná bá lójijì lè gba àṣẹ rìmóòtù tí bàbá ṣì ń tẹ̀ nínú mọ́tò, kí géà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà tí ọwọ́ ẹlòmíì wà nítòsí eyín rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tú ọwọ́ náà sílẹ̀, wọn kì í gbọ́ àṣẹ mọ́. Àwọn mìíràn kò ní i. Ẹ má fi ìka yín dán èyí tí ẹ ní wò.

Nítorí náà, bíréékà ni àkọ́kọ́, ọwọ́ ìtúsílẹ̀ ni ìkejì, kí ẹ tó ti géètì jẹ́jẹ́. Mo sọ pé jẹ́jẹ́ torí pé géètì irin tó bá ti gba ìsáré kì í dúró nígbà tí ẹ bá fẹ́, gbogbo ara rẹ̀ ló máa fi kọ lu irin ìdádúró tó wà ní ìparí ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ má rò pé pípa ọwọ́ náà padà ti tó

Bàbá wọlé, wọ́n ti géètì pa, ọmọ náà ti ọwọ́ ìtúsílẹ̀ padà sí àyè rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó yọ ọ́. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Màmá tẹ rìmóòtù láti dán an wò. Ẹ̀rọ kùn, géètì dúró gbagidi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé eyín géà kò tíì padà mú ara ẹ̀rọ nígbà tí ọmọ náà ti ọwọ́ pa. Ẹ̀rọ ń yí nínú, géà ò bá a yí. Ìwòsàn rẹ̀ ò le: bí ẹ bá ti pa ọwọ́ náà tán, ẹ di géètì mú, ẹ tì í díẹ̀ síwájú, ẹ fà á díẹ̀ sẹ́yìn, bí ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ̀" tí kò sì ní gbà kí ẹ tì í mọ́. Ìgbà tó bá kọ̀ fún yín ló tó mú ara. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tan bíréékà.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ "kọ̀" yẹn. Géètì tí ẹ bá tú sílẹ̀ tí ẹ gbàgbé kò ní àgádágodo kankan. Ẹ̀rọ yìí gan-an ni àgádágodo rẹ̀. Ó lè pa dáadáa lójú, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ní òru sì fi ìka méjì tì í ṣí. Kí ẹ tó sùn ní alẹ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ ṣí i, ẹ lọ tì í wò.

Ibi tí ẹ ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìtúsílẹ̀ sí náà ṣe pàtàkì. Mo mọ ilé kan ní Gwárínpà tí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà nínú dúrọ́ọ̀ yàrá, tí gbogbo ìdílé sì wà níta. Bí ilé yín ò bá ní ilẹ̀kùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ aládùúgbò tí ẹ fọkàn tán. Ẹ má fi sínú ihò rẹ̀ kó máa gbé ibẹ̀.

Ẹ má "rísẹ́ẹ̀tì" ohun tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́. Àbúrò bàbá tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ kàn rísẹ́ẹ̀tì ẹ̀." Ó ṣí àpótí, ó rí bọ́tìnnì kékeré kan lórí bọ́ọ̀dù, ó tẹ̀ ẹ́, ó dì í mú títí iná pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi kú. Bí gbogbo rìmóòtù ṣe parẹ́ kúrò lórí bọ́ọ̀dù nìyẹn.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń pè ní rísẹ́ẹ̀tì, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló sì jẹ́ iṣẹ́ ìdílé.

Èyí tó jẹ́ tiyín ni pípa ẹ̀rọ kí ẹ sì tún un tàn, tí bọ́ọ̀dù bá dà bí ẹni tó gan. Ṣùgbọ́n bátìrì wà níbẹ̀! Bí ẹ bá pa bíréékà nìkan, bátìrì ṣì ń bọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ ò tíì pa ohunkóhun. Ẹ pa bíréékà kọ́kọ́, torí iná fóólítì 220 ń wọnú àpótí yẹn. Ẹ wá ṣí ìdérí, ẹ yọ wáyà bátìrì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko, títí gbogbo iná orí bọ́ọ̀dù yóò fi kú. Ẹ dá wáyà bátìrì padà, ẹ pa àpótí dé, kí ẹ tó tan bíréékà. Ní àwọn ẹ̀rọ kan, ìrìn àkọ́kọ́ lẹ́yìn èyí máa ń lọ́ra gan-an, torí ẹ̀rọ ń wá ibi tí ọ̀nà rẹ̀ parí sí. Ẹ jẹ́ kó rìn dé òpin. Ẹni tó bá ń tẹ rìmóòtù léraléra nígbà náà, òun ló ń dá a dúró.

Ìkejì ni kíkọ́ ẹ̀rọ ní ìrìn rẹ̀ lákọ̀tun, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò dúró. Iṣẹ́ ẹni tó fi ẹ̀rọ sí i ni, torí ibẹ̀ náà ni a ti ń díwọ̀n agbára tí géètì fi ń lọ. Géètì tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù kì í padà sẹ́yìn bó bá kan ọmọdé.

Ìkẹta ni èyí tí àbúrò bàbá ṣe. Nínú irú ẹ̀rọ tí mo fi sí ilé wọn, bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn fẹ́ẹ́rẹ́, iná rẹ̀ á tàn, ó ń retí kí ẹ tẹ rìmóòtù tuntun kó lè mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá dì í mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, gbogbo èyí tó mọ̀ ni yóò gbàgbé. Bọ́tìnnì kan náà ni, bí ọwọ́ ṣe pẹ́ tó lórí rẹ̀ ló yàtọ̀. Iye àáyá yìí kì í dọ́gba láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, nítorí náà ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ti ní sọnù.

Bí géètì bá ń ṣí tí kò fẹ́ pa, ẹ má tíì fọwọ́ kan àpótí rárá. Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ méjì tó kojú síra wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà géètì. Lásìkò ọyẹ́ ní Àbújá, eruku tó ń bo mọ́tò náà ló ń bo ojú wọn, ẹ̀rọ á sì rò pé èèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ti tó láti nù ún. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa so wáyà méjì rẹ̀ pọ̀ kí géètì lè máa pa. Lóòótọ́ ni yóò máa pa, yóò sì pa mọ́ ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Ẹ má sì fi gírísì pa irin eléyín lásìkò yìí: eruku ni yóò mú, á di ohun tó ń lọ eyín géà bí òkúta ìpọ́nbẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, mo ti géètì títí ó fi dún "kọ̀", mo sì ní kí wọ́n kó rìmóòtù jáde. Márùn-ún ni mo fún wọn. Mẹ́rin ló dé. Màmá ní ìkarùn-ún já bọ́ nínú báàgì òun ní ọjà Wùsè, ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá, òun ò fẹ́ kí bàbá gbọ́ ni. Mo kọ́ bọ́ọ̀dù ní mẹ́rin yẹn. Mo wá sọ fún àbúrò bàbá pé bí a bá fi ti rìmóòtù ọjà Wùsè ṣe é, ohun tó ṣe ní alẹ́ àná gan-an ló yẹ kí wọ́n ti pè mí wá ṣe láti ọjọ́ tó ti sọnù.